Bí A Ṣe Ń Kọ Àyẹ̀wò PESTLE: Ilé-iṣẹ́ MTN ní Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí Àpẹẹrẹ

Bí olùkọ́ bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òwò kan ní Ilé-Ifẹ̀ kọ àyẹ̀wò PESTLE lórí ilé-iṣẹ́ MTN Nàìjíríà, ohun tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé èrò pọ̀ ní Nàìjíríà, pé iná mànàmáná kì í dúró, pé ìlànà ìjọba a máa yí padà, àti pé iye náírà ń wálẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ náà bá fi ọwọ́ bo orúkọ MTN, tí ó sì fi orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ọṣẹ tàbí èyí tí ń ṣe búrẹ́dì rọ́pò rẹ̀, kò sí gbólóhùn kan tí yóò di irọ́ nínú iṣẹ́ náà. Ibẹ̀ gan-an ni àléébù rẹ̀ wà. Ọ̀rọ̀ tí ó bá gbogbo ilé-iṣẹ́ mu kò tíì di àyẹ̀wò ilé-iṣẹ́ kankan.

Kí ni PESTLE, kí sì ni a ń fi ṣe? Lẹ́tà mẹ́fà tí ó wà nínú orúkọ náà dúró fún ohun mẹ́fà tí ó wà lẹ́yìn odi ilé-iṣẹ́, tí ilé-iṣẹ́ kò sì lè pàṣẹ fún: òṣèlú, ọrọ̀-ajé, àwùjọ, ìmọ̀ ẹ̀rọ, òfin àti àyíká. Ní ọdún 1967 ni Francis Aguilar, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Harvard, tẹ ìwé kan jáde lórí bí àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ṣe ń ṣọ́ ohun tí ń lọ ní ìta. Ọ̀nà mẹ́rin ni òun pín in sí. Àwọn tí ó tẹ̀lé e ni wọ́n fi òfin àti àyíká kún un. Bí a bá ka lẹ́tà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ kan lédè Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ odó ni ó túmọ̀ sí. Orúkọ náà sì bá a mu, nítorí ọmọ odó kì í ṣe iṣu. Ẹni tí ó bá gbé ọmọ odó sókè sórí odó òfìfo, ariwo ni yóò gbọ́, kò ní rí iyán jẹ.

Ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ìlà kan, ó gbọ́dọ̀ pinnu ohun mẹ́ta. Èkíní ni ilé-iṣẹ́ tí ó ń wò gan-an. Ilé-iṣẹ́ MTN tí ó ní olú-ilé rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà yàtọ̀ sí MTN Nàìjíríà, tí ó jẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ tí ó sì ní ìṣirò owó tirẹ̀. Èkejì ni ọjọ́ tí àyẹ̀wò náà dúró lé. Àyẹ̀wò tí kò ní ọjọ́ dà bí lẹ́tà tí a kò kọ déètì sí. Ẹni tí ó bá kà á kò ní mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti kú tàbí ó ṣì wà láàyè. Ẹ̀kẹta, tí ó ṣe pàtàkì jù, ni ìbéèrè tí àyẹ̀wò náà fẹ́ dáhùn. Bí a kò bá mọ ìpinnu tí ilé-iṣẹ́ fẹ́ ṣe, a kò lè mọ ohun tí ó tọ́ kí a kọ sílẹ̀ àti èyí tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìbéèrè kan: ó ha yẹ kí ilé-iṣẹ́ MTN Nàìjíríà máa fi àdéhùn ọlọ́dún pípẹ́ yá òpó ìbánisọ̀rọ̀ nígbà tí a bá fi dọ́là díwọ̀n owó ìyáwó náà? Ìbéèrè yìí ni gbogbo ohun tí ó kù nínú àlàyé yìí yóò máa tọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ohun kọ̀ọ̀kan tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ gbọ́dọ̀ ní ìpele mẹ́rin. Yóò kọ́kọ́ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ tàbí tí ó wà nílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti iye. Yóò sọ ọ̀nà tí nǹkan náà gbà dé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́. Yóò sọ bí ó ti tóbi tó, bóyá ní náírà tàbí ní iye oníbàárà. Ní ìparí, yóò sọ ohun tí ilé-iṣẹ́ lè ṣe sí i. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dúró sí ìpele àkọ́kọ́. Ìpele kejì, èyíinì ni ọ̀nà tí nǹkan gbà dé inú àpò ilé-iṣẹ́, ni a fi ń mọ ẹni tí ó mọ̀ iṣẹ́.

Owó ìtanràn ọdún 2015

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, àjọ NCC, tí ń mójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, bu owó ìtanràn tírílíọ̀nù 1.04 náírà lé ilé-iṣẹ́ MTN. Ẹ̀sùn náà ni pé ó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún ìlà tẹlifóònù tí kò ní àkọsílẹ̀ tó péye, tí ilé-iṣẹ́ náà kò sì tí pa láàárín àkókò tí a fún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ohun òjijì ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin náà ti wà nílẹ̀ láti ọdún 2011. Òfin ìforúkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà tẹlifóònù ti ọdún náà sọ ọ́ kedere pé 200,000 náírà ni owó ìtanràn lórí ìlà kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ń kọ àyẹ̀wò rẹ̀ ní ọdún 2014. Ohun tí ó nílò kò ju kí ó ka òfin náà, kí ó sì ṣe ìsọdipúpọ̀. Bí ó bá fi ojú bù ú pé mílíọ̀nù kan péré ni ìlà tí kò ní àkọsílẹ̀, òun náà yóò rí i pé ewu bílíọ̀nù 200 náírà ni ó sùn sínú ìwé. Kò sí ohun ìkọ̀kọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ẹni tí ó kọ ọ́ pé "òfin Nàìjíríà le" kò rí i, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣí òfin náà tí ó ka iye owó inú rẹ̀ ì bá ti rí i.

Àmọ́ ṣé abẹ́ òfin nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà? Nígbà tí a bá bi í léèrè ìdí tí ìlà tí kò ní àkọsílẹ̀ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àwùjọ ni yóò dáhùn. Ẹ̀bá títì ni wọ́n ti ń ta síìmù, lábẹ́ agbòòrùn, bí wọ́n ti ń ta gúgúrú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò ní ìwé ìdánimọ̀ ìjọba kankan nígbà náà, ẹlòmíràn sì ní síìmù mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Nígbà tí a bá tún bi í léèrè ìdí tí ìjọba fi mú ọ̀rọ̀ náà le ní ọdún yẹn, òṣèlú ni yóò dáhùn. Ogun Boko Haram ń jà ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, nígbà tí Ààrẹ Gúúsù Áfíríkà wá sí Àbújá, Ààrẹ Muhammadu Buhari sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn apániláyà ń lo àwọn ìlà tí kò ní àkọsílẹ̀.

Ìparí ọ̀rọ̀ náà tún fi ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òṣèlú àti òfin hàn, èyí tí ó máa ń dà pọ̀ mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú. Òfin ni ohun tí a ti kọ sílẹ̀ tí ilé-ẹjọ́ lè dì mú. Òṣèlú ni ohun tí àwọn tí ó di agbára mú ń fẹ́, tí wọ́n sì lè ṣe tàbí kí wọ́n má ṣe. Òfin ni ó gbé tírílíọ̀nù 1.04 kalẹ̀. Ìjíròrò pẹ̀lú ìjọba ni ó sọ ọ́ di bílíọ̀nù 330 náírà ní oṣù kẹfà ọdún 2016, tí a ó san láàárín ọdún mẹ́ta. Ara àdéhùn náà ni pé kí ilé-iṣẹ́ náà mú ìpín ìdókòwò rẹ̀ wá sí ọjà ìdókòwò Nàìjíríà, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún ọdún 2019. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ owó ìtanràn náà sábẹ́ òfin nìkan ti sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n ìdajì òtítọ́ ni.

Irú ìsopọ̀ báyìí ni ó mú kí ọjà orílẹ̀-èdè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè bọ̀ yàtọ̀. Àwọn tí ń ra nǹkan ń yára pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n òfin, owó àti ohun amáyédẹrùn kò tíì fìdí múlẹ̀. Odi tí ó ya àpótí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sọ́tọ̀ fẹ́lẹ́ púpọ̀. Ohun tí ó bá bẹ̀rẹ̀ nínú àpótí kan, inú òmíràn ni ó sábà máa ń bú gbàù sí.

Náírà, dọ́là àti òpó ìbánisọ̀rọ̀

A lè padà wá sí ìbéèrè wa nísinsìnyí. Ilé-iṣẹ́ MTN Nàìjíríà kì í ṣe onílé lórí ọ̀pọ̀ òpó tí ó ń lò. Ó ń yá wọn lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ni òpó, pàápàá ilé-iṣẹ́ IHS. Apá kan nínú owó ìyáwó náà so mọ́ dọ́là. Oníbàárà ní Lágere tàbí ní Mọdákẹ́kẹ́, náírà ni ó fi ń ra káàdì. Èyí túmọ̀ sí pé owó tí ń wọlé jẹ́ náírà, nígbà tí apá kan nínú owó tí ń jáde ń tẹ̀lé dọ́là.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà jáwọ́ nínú dídi iye náírà mú. Gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ náà ti ṣírò rẹ̀, dọ́là kan tí ó jẹ́ 461 náírà ní ìparí ọdún 2022 di 907 náírà ní ìparí ọdún 2023. Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé akẹ́kọ̀ọ́, a lè fi iye kékeré ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹnì kan bá jẹ gbèsè 1,000 dọ́là ní ìparí ọdún 2022, 461,000 náírà ni yóò kọ sínú ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, kò yá owó kún un, kò sì ra ohunkóhun, ṣùgbọ́n 907,000 náírà ni gbèsè kan náà yóò máa jẹ́. Àfikún 446,000 náírà náà ni a gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àdánù ọdún yẹn.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí MTN Nàìjíríà nìyí, ṣùgbọ́n ní bílíọ̀nù bílíọ̀nù. Owó tí ó wọlé fún un ní ọdún 2023 lé ní tírílíọ̀nù 2.4 náírà, ó sì ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ ní nǹkan bí ìdá mẹ́tàlélógún nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn oníbàárà kò sá. Síbẹ̀, àdánù tí ìyípadà iye owó mú wá jẹ́ nǹkan bí bílíọ̀nù 740 náírà, ilé-iṣẹ́ tí ó ti máa ń jẹ èrè sì parí ọdún náà pẹ̀lú àdánù bílíọ̀nù 137 náírà lẹ́yìn owó-orí. Ní ọdún 2024, nígbà tí dọ́là kan ti ju 1,500 náírà lọ, àdánù náà ga sí nǹkan bí bílíọ̀nù 400 náírà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ ọ́ ní ọdún 2022 pé "èrò pọ̀, nítorí náà èrè yóò pọ̀" jàre nípa èrò, ó jẹ̀bi nípa èrè.

Àwọn kan lè béèrè pé kí ló dé tí ilé-iṣẹ́ náà kò fi owó lé iye ìpè kíákíá, bí alátà ọjà ti ń ṣe nígbà tí ọjà bá wọ́n. Níhìn-ín ni àpótí ọrọ̀-ajé tún ti wọ inú ti òfin. Àjọ NCC ni ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí iye ìpè tó lè gòkè. Oṣù kìíní ọdún 2025 ni àjọ náà tó gba àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ láàyè láti fi tó ìdajì lé e. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 sí ìgbà náà jẹ́ oṣù mọ́kàndínlógún. Nínú oṣù mọ́kàndínlógún yìí, ohun tí ilé-iṣẹ́ ń san lè yí padà láàárín ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń gbà dúró de ìbuwọ́lù àjọ. Àlàfo àkókò yìí ni ewu gidi tí ó wà nínú ọ̀ràn náà. Kò sí lábẹ́ ọrọ̀-ajé nìkan, kò sì sí lábẹ́ òfin nìkan. Àárín àwọn méjèèjì ni ó wà.

Ìpele kẹrin ni ohun tí ilé-iṣẹ́ lè ṣe. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, MTN Nàìjíríà àti IHS kéde àdéhùn tuntun tí ó dín apá tí ó so mọ́ dọ́là kù nínú owó ìyáwó òpó, tí ó sì so apá kan mọ́ iye owó dísù. Nígbà tí iye ìpè náà ti gòkè ní ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ náà padà sí èrè. Àyẹ̀wò tí ó bá parí sí "iye náírà ń wálẹ̀" kò lè rí ọ̀nà àbájáde yìí, nítorí kò mọ ibi tí bàtà ti ń ta ẹsẹ̀.

Àpótí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fojú rénà

Lábẹ́ àyíká, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò ní ju ìpínrọ̀ kan lọ lórí òjò, ooru àti ìdọ̀tí. Ẹni tí ó bá dúró nítòsí òpó ìbánisọ̀rọ̀ ní àdúgbò rẹ̀ nígbà tí kò sí iná yóò gbọ́ ohun tí ó yẹ kí ó kọ. Jẹnẹrétọ̀ ni. Òpó kò gbọ́dọ̀ sùn, iná ìjọba sì máa ń lọ. Nítorí náà, dísù ni ó ń gbé ìpè ènìyàn káàkiri. Láàárín ọdún 2022, iye lítà dísù kan ní Nàìjíríà ju ìlọ́po méjì lọ. Ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Yukiréènì ní oṣù kejì ọdún náà wà lára ohun tí ó fà á.

Èéfín àti ariwo jẹnẹrétọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àyíká, iye dísù jẹ́ ọ̀rọ̀ ọrọ̀-ajé, bátìrì àti iná oòrùn tí a lè fi rọ́pò rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní láti tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kí ó kọ ọ́ sí ibi tí ó ti dun ilé-iṣẹ́ jù, kí ó sì fi gbólóhùn kan tọ́ka sí àwọn yòókù. Bí a bá so owó ìyáwó òpó mọ́ dísù dípò dọ́là, ewu kan lọ, òmíràn dé. Àdéhùn ọdún 2024 náà kò bọ́ lọ́wọ́ èyí. Ó yẹ kí àyẹ̀wò sọ bẹ́ẹ̀.

Ìparí àyẹ̀wò

Nígbà tí àpótí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá ti kún, iṣẹ́ kò tíì parí. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú ohun mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó wúwo jù, yóò sì fi wọ́n dáhùn ìbéèrè tí ó fi bẹ̀rẹ̀. Nípa òpó MTN, ìdáhùn náà lè lọ báyìí:

"Láti ọwọ́ ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ títí di ọdún 2025, kò yẹ kí ilé-iṣẹ́ yìí tọwọ́ bọ àdéhùn ọlọ́dún pípẹ́ tí a fi dọ́là díwọ̀n, àyàfi bí apá tí ó so mọ́ dọ́là bá kéré. Ìdí ni pé náírà ni ó ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà, àti pé kò lè fi kún iye ìpè láìgba àṣẹ NCC, àṣẹ náà sì lè pẹ́ ju ọdún kan ààbọ̀ lọ. Ohun tí ó lè yí ìmọ̀ràn yìí padà ni kí àjọ náà gbé ìlànà kalẹ̀ tí yóò jẹ́ kí iye ìpè máa tẹ̀lé iye nǹkan lọ́jà."

Ẹ ṣàkíyèsí gbólóhùn tí ó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀. Àyẹ̀wò tí ó dára a máa sọ ohun tí yóò sọ òun di ògbólógbòó, kí ẹni tí ó bá kà á lẹ́yìn ọdún méjì lè mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ wò.

Ibi tí agbára àyẹ̀wò yìí mọ tún wà. Kò sọ nǹkan kan nípa bí MTN ṣe ń bá Airtel tàbí Glo dù oníbàárà, kò sì sọ bóyá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Ìta odi ni ó ń wò. Àyẹ̀wò mìíràn ni ó wà fún àwọn wọ̀nyẹn, ẹni tí ó bá sì fẹ́ fi ẹyọ kan ṣe gbogbo rẹ̀ yóò kàn mú un wú lásán ni.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ yẹ irú iṣẹ́ yìí wò kò nílò ju ìdánwò mẹ́ta lọ. Kí ó fi ọwọ́ bo orúkọ ilé-iṣẹ́, kí ó wò ó bóyá a ṣì lè mọ ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí ó wá ọjọ́ àti iye lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan tí ó wúwo. Kí ó sì fi ìka tọ́ ọ̀nà láti orí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ títí dé inú ìwé ìṣirò owó, kí ó rí i dájú pé kò já lójú ọ̀nà. Gbólóhùn tí ó bá kùnà ìdánwò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó fa ìlà pupa sí i. Bí ó bá ṣẹ́ ku ojú ewé méjì péré nínú mẹ́wàá, ojú ewé méjì náà ni àyẹ̀wò.